Ojú-Ewé Kan Lára Ògiri: Bí A Ṣe Ń Kọ Ìlànà Kọ́sítíìkì fún Àwọn Tí Ń Ṣe Ọṣẹ

Ẹni tí ó bá rìn gba òpópó Rye Lane kọjá ní Peckham, ní ìhà gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, yóò rí òrí àti ọṣẹ dúdú lórí àtẹ, ní ẹ̀gbẹ́ iṣu àti ata rodo. Àwọn tí ń ta á pọ̀ láàárín wa, ṣùgbọ́n àwọn tí mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí ni àwọn tí ń ṣe é: àwọn tí ó gba yàrá kékeré kan, tí wọ́n gba ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin síṣẹ́, tí wọ́n fi òrí àti àdín àti epo pupa ṣe ọṣẹ tí wọ́n ń gé ní ègé-ègé fún títà. Ohun kan ṣoṣo ni mo sì fẹ́ kí a jọ ṣe, òun náà ni pé kí a kọ ìwé olójú-ewé kan, tí a ó lẹ̀ mọ́ ògiri níbi tí a ti ń po kọ́sítíìkì mọ́ omi, tí ẹni tí ó bá dúró síbẹ̀ yóò lè máa wò ó bí ó ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹnì kan lè wí pé àwọn ìyá wa ti ń ṣe ọṣẹ láti ayébáyé láìlẹ ìwé kankan mọ́ ògiri. Òótọ́ ni, ibẹ̀ gan-an ni ewu sì fara pamọ́ sí. Nílé, eérú èèpo kòkó tàbí eérú ọ̀pẹ ni a ń bu omi lé, tí a ń jẹ́ kí ó máa kán tó-tó-tó sínú ìkòkò, omi tí ó kán náà ni a sì ń sè pọ̀ mọ́ àdín. Agbára omi eérú kò tó ti kọ́sítíìkì rárá, nítorí pé ohun tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ iyọ̀ eérú tí ó rọ̀ níwà, omi sì ti là á. Nítorí náà ni àgbà obìnrin tí ó mọṣẹ́ fi lè ti ìka bọ̀ ọ́ kí ó fi mọ̀ bóyá ó ti kan tó, tí òmíràn a tilẹ̀ fi kan ahọ́n. Kọ́sítíìkì tí a ń rà níhìn-ín, tí àwọn onímọ̀ ń kọ ní NaOH, wá gẹ́gẹ́ bí hóró funfun wínníwínní, ó jọ iyọ̀, ó jọ ṣúgà, gbogbo alángbá ló sì dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bí omi rẹ̀ bá kan ènìyàn lára, kì í fi gbogbo ìgbà jó o lójú ẹsẹ̀. Yíyọ̀ ni ibẹ̀ kọ́kọ́ máa ń yọ̀ bí ọṣẹ, nítorí pé ọ̀rá ara onítọ̀hún ni kọ́sítíìkì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ di ọṣẹ. Ẹni tí kò ṣe ọṣẹ rí yóò bẹ̀rù, yóò sì jìnnà. Ògbóǹkangí ni yóò ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, nítorí pé ohun tí ó ti mọ̀ láti kékeré kò kìlọ̀ fún un. Ẹni yìí ni kí ẹ fi sójú nígbà tí ẹ bá ń kọ ìwé yín.

Òfin ìlú Ọba ní ohun tí ó ní í sọ nípa rẹ̀. Òfin tí wọ́n ń pè ní COSHH, ti ọdún 2002, ni ó ní kí agbanisíṣẹ́ ṣe àyẹ̀wò ewu gbogbo ohun tí ó lè ba ìlera òṣìṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, kí ó sì wá ọ̀nà láti dí ewu náà. Ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá tó márùn-ún gbọ́dọ̀ kọ àyẹ̀wò náà sílẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ kò tó márùn-ún kò sí lábẹ́ dandan kíkọ yìí, ṣùgbọ́n dandan àyẹ̀wò àti dandan kíkọ́ òṣìṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀ síbẹ̀, ta ni ó sì lè kọ́ ènìyàn ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò tò lẹ́sẹẹsẹ? Òfin mìíràn, ti ọdún 1999, sọ pé àlàyé tí a bá fún òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí yóò yé e. Bí ó bá jẹ́ Yorùbá ni ó yé ìyá tí ń po kọ́sítíìkì yín jù, Yorùbá ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kí ẹ sì fi Gẹ̀ẹ́sì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún ẹni tí yóò wá ṣàyẹ̀wò.

Ẹni tí ó ta kọ́sítíìkì fún ilé iṣẹ́ yín gbọ́dọ̀ fún yín ní ìwé àlàyé ààbò rẹ̀. Orí 16 ni ìwé náà ń ní. Orí 4 sọ nípa ìtọ́jú àkọ́kọ́, orí 7 sọ bí a ṣe ń lò ó àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́, orí 8 sọ ohun tí a ó wọ̀, orí 10 sì sọ ohun tí kò gbọdọ̀ bá pàdé. Orí mẹ́rin wọ̀nyí ni kí ẹ kà dáadáa, nítorí pé inú wọn ni a ó ti bu ohun tí a ó kọ. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe lẹ ìwé náà fúnra rẹ̀ mọ́ ògiri kí ẹ wí pé ẹ ti parí iṣẹ́. Ìwé ohun ni, kì í ṣe ìwé iṣẹ́: ó mọ kọ́sítíìkì, ṣùgbọ́n kò mọ yàrá yín, kò mọ bọ́kẹ́ẹ̀tì yín, kò sì mọ ibi tí ẹ̀rọ omi yín wà. Ojú-ewé kan yìí ni yóò mọ ìwọ̀nyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpòpọ̀ ọṣẹ kan ṣe àpẹẹrẹ, kí ọ̀rọ̀ wa má baà jẹ́ ti ẹnu lásán. Ká ní òróró wa jẹ́ kílò 10: epo pupa kílò 5, àdín kílò 3, òrí kílò 2. Gíráàmù kan epo pupa ń fẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 0.142 kọ́sítíìkì kí ó tó di ọṣẹ tán. Àdín ń fẹ́ 0.176, òrí sì ń fẹ́ 0.128. Bí a bá ṣe ìṣirò wọn, epo pupa yóò gba gíráàmù 710, àdín yóò gba 528, òrí yóò gba 256, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 1,494. A kì í lo gbogbo rẹ̀. A ó yọ márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kúrò, kí òróró díẹ̀ lè ṣẹ́ kù nínú ọṣẹ, kí kọ́sítíìkì má sì ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ láti máa ta ènìyàn lára. Ohun tí ó kù jẹ́ gíráàmù 1,419. Omi tí a ó fi yọ́ ọ yóò jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀, ìyẹn gíráàmù 2,838.

Àbájáde ìṣirò yìí nìkan ni ó gbọ́dọ̀ wọ ojú-ewé wa. Ìṣirò fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Ẹni tí ó ti wọ ìbọ̀wọ́, tí èéfín sì ti ń bo awò ojú rẹ̀, kọ́ ni a ó ní kí ó máa sọ oye di púpọ̀. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ ni yóò ṣe é ní ìjókòó, ẹlòmíràn ni yóò tún un ṣe láìwo ti ọ̀gá, bí ìdáhùn méjèèjì bá sì dọ́gba ni a ó tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ bí mo ṣe kọ ojú-ewé náà ní àkọ́kọ́. Ẹ óò rí i pé ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò ju ohun tí ọwọ́ lè ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ.

1. Wọ awò ojú tí ó dé mọ́ ojú yíká. Wọ ìbọ̀wọ́ gígùn, épírọ́ọ̀nù rọ́bà, aṣọ alápá gígùn àti bàtà tí ó bo ẹsẹ̀.
2. Tan fáànù tí ń fa afẹ́fẹ́ jáde. Rí i pé ẹnì kejì wà nítòsí tí ó lè gbọ́ igbe rẹ.
3. Ṣí ẹ̀rọ omi tútù. Rí i pé omi ń dà. Tì í padà.
4. Gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun sínú agbada ìfọǹkan. Wọn omi tútù gíráàmù 2,838 sínú rẹ̀. Da omi tútù sínú agbada yí bọ́kẹ́ẹ̀tì ká.
5. Wọn kọ́sítíìkì gíráàmù 1,419 sínú abọ́ rọ́bà gbígbẹ. Dé ike kọ́sítíìkì lójú ẹsẹ̀.
6. Da ìdá kan nínú márùn-ún kọ́sítíìkì SÍNÚ OMI. Má ṣe da omi lé kọ́sítíìkì láéláé.
7. Rò ó títí tí hóró kankan kò fi sí nísàlẹ̀. Wo tẹmọmítà. Bí ó bá kọjá 70, dúró kí ó padà sí 50 kí o tó da ìdá tí ó kàn.
8. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti yọ́, dé e. Lẹ ìwé mọ́ ọn: KỌ́SÍTÍÌKÌ NÍNÚ OMI, Ó Ń JÓ ÈNÌYÀN, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ rẹ.
9. Fi omi ṣan abọ́ àti ọ̀pá ìrò. Ṣan ìbọ̀wọ́, kí o tó bọ́ ọ. Awò ojú ni kí o bọ́ kẹ́yìn.

Ó yẹ kí n sọ ìdí àwọn kan nínú wọn, nítorí pé òṣìṣẹ́ tí kò mọ ìdí òfin ni ó ń kọ́kọ́ fò ó. Ìbọ̀wọ́ tí a ń wí kì í ṣe èyíkéyìí. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìbọ̀wọ́ tí a fi ń lo kẹ́míkà máa ń ní àwòrán ìgò kékeré kan lára pẹ̀lú lẹ́tà lábẹ́ rẹ̀, lẹ́tà tí ó sì dúró fún omi kọ́sítíìkì ni K. Bí ẹ kò bá rí K, ẹ má ṣe rà á fún iṣẹ́ yìí. Ti awò ojú, ẹ wá èyí tí a kọ oǹkà 3 sí férémù rẹ̀, nítorí pé òun ni a dán wò fún omi tí ń ta sí ènìyàn. Awò ìkàwé kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, ẹni tí ó sì kọ̀ láti ṣọ́ ojú fúnra rẹ̀, kí ni yóò fi ṣọ́ orí?

Bọ́kẹ́ẹ̀tì náà ní ìwà tirẹ̀. Ẹ yí i padà kí ẹ wo ìdí rẹ̀: èyí tí a kọ 5 àti PP sí ni ó lè gba ooru kọ́sítíìkì láìyọ́. Kí ó gbà tó lítà 10, kí omi má baà kọjá ìdajì rẹ̀ nígbà tí ó bá ń hó. Ìkòkò álúmíníọ̀mù kò gbọdọ̀ sún mọ́ ibẹ̀, nítorí pé kọ́sítíìkì ń jẹ ẹ́, gáàsì tí ó sì ń jáde lára rẹ̀ lè gbiná. Bí ẹ bá rí i tí nǹkan ń hó yẹ́ẹ́ láìsí iná lábẹ́ rẹ̀, tí àwọ̀ ìkòkò sì ń dúdú, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Abọ́ dígí lè fọ́ lójijì nítorí ooru. Ọ̀pá igi ń jẹrà díẹ̀díẹ̀ sínú rẹ̀. Rọ́bà tàbí irin tí kì í dípẹtà ni kí a fi rò ó.

Ìgbésẹ̀ 6 ni ọkàn gbogbo ìwé náà. Omi ni a ń tẹ̀ kí a tó tẹ iyanrìn, bẹ́ẹ̀ náà ni omi gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí kọ́sítíìkì tó dé. Nígbà tí kọ́sítíìkì bá ń yọ́, ó ń tú ooru sílẹ̀, ooru rẹ̀ sì pọ̀ débi pé bí a bá da gbogbo gíráàmù 1,419 wa lẹ́ẹ̀kan náà, omi tútù lè gbóná sún mọ́ ìwọ̀n 90 láìsí iná kankan. Omi púpọ̀ lè gba ooru náà mọ́ra. Ṣùgbọ́n bí a bá da omi lé òkìtì kọ́sítíìkì, ìba omi díẹ̀ tí ó kọ́kọ́ kàn án ni yóò gba gbogbo ooru, yóò hó lójú ẹsẹ̀, yóò sì tu kọ́sítíìkì sí ojú ẹni tí ó dúró tì í.

Kí ni ìdí tí a fi pín in sí márùn-ún? Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko bí ojú ẹja. Kọ́sítíìkì wúwo ju omi lọ. Bí a bá da púpọ̀ láìrò ó, yóò rì sí ìsàlẹ̀, yóò sì dì bí òkúta. Òkè omi yóò tutù, òṣìṣẹ́ yóò rò pé ewu ti kọjá, ìgbà tí ó bá sì fi agbára gún ìsàlẹ̀ náà, tí ó fọ́, ooru gbogbo rẹ̀ yóò ru sókè lẹ́ẹ̀kan. Bí ọ̀pá ìrò bá kan ohun líle nísàlẹ̀, kí ó má ṣe gún un, kí ó má sì da òmíràn sí i. Kí ó máa rọra ro omi tí ó wà lókè, títí tí òkúta náà yóò fi yọ́ tán fúnra rẹ̀.

Lábẹ́ àwọn ìgbésẹ̀ wọ̀nyí, pẹ̀lú ìlà pupa yíká rẹ̀, ni ọ̀rọ̀ ìjàǹbá yóò wà. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni, nítorí pé ẹni tí ojú ń ta kì í ka ìwé gígùn. Bí hóró gbígbẹ bá wà lára, gbọ̀n ọ́n dànù kí omi tó kàn án. Bọ́ aṣọ tí ó ti rin. Bọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ omi tí ń ṣàn, fún ìṣẹ́jú 20 ó kéré tán. Bí ó bá jẹ́ ojú, kí ẹnì kejì la ìpéǹpéjú náà sílẹ̀ kí omi lè wọ inú rẹ̀, kí ó sì pe 999 láìdúró. Bí ó bá wọ ẹnu, fi omi yọ ẹnu, pe 999, má ṣe mú onítọ̀hún bì. Kí orí 4 ìwé àlàyé ààbò wà nítòsí, kí àwọn tí ó bá wá gbé e lọ lè mú un dání. Ilé ìwòsàn King's College ní Denmark Hill kò jìnnà sí Peckham, ó sì ní ẹ̀ka pàjáwìrì, ṣùgbọ́n omi ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú mọ́tò.

Àwọn kan ń gbé fínígà sí ẹ̀gbẹ́ agbada nítorí pé wọ́n gbọ́ pé ó ń pa agbára kọ́sítíìkì. Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀. Bí wọ́n bá pàdé lára ènìyàn, ooru tuntun ni wọ́n ń dá sílẹ̀, àkókò tí a fi ń wá ìgò náà sì jẹ́ àkókò tí kọ́sítíìkì fi ń wọlé jinlẹ̀ sí i. Omi tí kò lọ́tàá ni oògùn rẹ̀. Bákan náà, ẹ má ṣe fi ìrora díwọ̀n ọgbẹ́. Kọ́sítíìkì ń yọ́ ọ̀rá àti ẹran ara bí ó ti ń wọlé, ó lè ti jinlẹ̀ nínú ojú kí onítọ̀hún tó mọ bí ó ti tó. Nítorí èyí ni mo ṣe ń bẹ̀ yín pé kí ẹ kọ́ agogo sí òkè agbada náà: ìṣẹ́jú mẹ́ta lábẹ́ omi tútù máa ń dà bí ogún lójú ẹni tí ìdààmú bá.

Lẹ́yìn tí a bá ti kọ ìwé tán, a kò tíì parí. Ẹ fi iyọ̀ dípò kọ́sítíìkì, kí ẹ fún òṣìṣẹ́ ní ojú-ewé náà, kí ó máa kà á sókè, kí ó sì ṣe ohun tí ó kà gẹ́lẹ́, kí ọ̀gá dákẹ́ kí ó máa wò. Iyọ̀ tí ó tó bẹ́ẹ̀ kò ní yọ́ tán nínú ìwọ̀n omi yẹn, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dà yín láàmú. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ òṣìṣẹ́ ni à ń wò. Ẹ wo bí ó ṣe lè rí. Ìyá tí ń kà á dé ìgbésẹ̀ 6, ó gbé abọ́ lọ́wọ́, ó sì dúró.

“Kí ni ó ṣẹlẹ̀, mà?” ni ọ̀gá bi í.

“Ọmọ mi, ìwé rẹ ní kí n da ìdá kan nínú márùn-ún. Ta ni ó bá mi pín in? Ṣé ojú ni n ó fi wọ̀n ọ́n ni?”

Òdodo ọ̀rọ̀ ni ìyá sọ. Ìwé tí ó dára lójú ẹni tí ó kọ ọ́ ti ní kí òṣìṣẹ́ fi ojú díwọ̀n ní ibi tí ewu ti pọ̀ jù. Nítorí náà, a ó tún gbólóhùn àkọ́kọ́ ìgbésẹ̀ 5 kọ báyìí: “Wọn kọ́sítíìkì sínú abọ́ gbígbẹ márùn-ún: gíráàmù 284 sínú mẹ́rin, gíráàmù 283 sínú ìkarùn-ún.” Gbólóhùn àkọ́kọ́ ìgbésẹ̀ 6 yóò sì di: “Da abọ́ kan SÍNÚ OMI.” Ohun kan tún wà tí àtúnṣe yìí ṣe fún wa: bí ẹnì kan bá pe òṣìṣẹ́ láàárín iṣẹ́, abọ́ tí ó ṣófo yóò sọ fún un ibi tí ó dé dúró, kò sì ní da ìdá kan lẹ́ẹ̀méjì. Níbikíbi tí òṣìṣẹ́ bá ti dúró, tàbí tí ó bá ti bi yín ní ìbéèrè, ìwé ni kí ẹ tún ṣe, ẹ má ṣe dá a lóhùn lásán kí ẹ sì kọjá lọ, nítorí pé ẹ lè má sí níbẹ̀ ní ọjọ́ tí yóò tún bi í.

Ẹ kọ ọjọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú-ewé náà, kí àwọn tí ó ti fi iyọ̀ ṣe é fi ọwọ́ sí i, kí ẹni tí kò bá tíì fi ọwọ́ sí i má sì ṣe fi ọwọ́ kan kọ́sítíìkì. Bí ẹ bá pààrọ̀ òróró, oǹkà yí padà, ìwé náà sì gbọ́dọ̀ yí padà. Ṣùgbọ́n ìyípadà tí ń tan ènìyàn jù ni ti ọjà tí ó tà dáadáa, tí ọ̀gá fi ní kí a ṣe ìlọ́po méjì lónìí. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá kì í tutù kíákíá bí kékeré, nítorí pé bí omi inú rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó kọ́ ni ara tí ó fi ń tú ooru dànù ṣe ń pọ̀. Bí ẹ bá wá fi 2 sọ gbogbo oǹkà di púpọ̀, àkókò tí ẹ fi ń dúró láàárín abọ́ kan sí èkejì kò ní tó mọ́. Títí ẹ ó fi tún ìwé kọ, tí ẹ ó sì tún fi iyọ̀ dán an wò, àpòpọ̀ kílò 10 kan ni kí ẹ ṣe tán, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ èkejì.